Kò sí Kp tó máa gbà: ìrírí mi pẹ̀lú bọ́ọ̀lù irin lórí ọ̀pá

Bí ẹ bá ń ṣe ẹ̀rọ tó yẹ kó dá bọ́ọ̀lù irin dúró sí àárín ọ̀pá, tí bọ́ọ̀lù náà sì ń lọ síwá sẹ́yìn láìsinmi, tí ẹ ti yí Kp, nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ̀pá ṣe máa tẹ̀ tó, sókè yí i sílẹ̀ títí ó fi sú yín, ẹ dákun, ẹ fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Kò sí iye tó máa gbà. Kì í ṣe pé ó wà níbì kan tí ẹ kò tíì wá dé. Kò sí rárá ni, ìṣirò kékeré kan sì ń fi hàn bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ̀ nígbà tí mò ń wá tèmi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ kò ní ohun ìjọnilójú kankan. Mo ra álúmíníọ̀mù onígun lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fèrèsé, mo gé e sí 60 sẹ́ǹtímítà, mo sì dojú rẹ̀ kọ òkè bíi lẹ́tà V kí bọ́ọ̀lù lè máa yí nínú rẹ̀. Inú bíárìn ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni bọ́ọ̀lù náà ti wá. Mẹkáníìkì kan ló bá mi tú u. Àárín ọ̀pá jókòó lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ kó lè tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Mọ́tọ̀ sáfò MG996R ló ń ti ìpẹ̀kun kan sókè tó tún ń fà á wálẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ GP2Y0A21 wà ní ìpẹ̀kun kejì, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí wo bí bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà tó. Mo gbé sẹ́ńsọ̀ yìí sẹ́yìn ìpẹ̀kun ọ̀pá ní 10 sẹ́ǹtímítà, torí pé bí nǹkan bá sún mọ́ ọn jù, fóltéèjì rẹ̀ tó ti ń gòkè bọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, Àdúínò, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ náà, á sì gbà pé bọ́ọ̀lù ti sá lọ sí ọ̀nà jíjìn nígbà tó jẹ́ pé iwájú rẹ̀ gan-an ló wà. Àdúínò ń ka sẹ́ńsọ̀ ní gbogbo 40 mìlísẹ́kọ́ǹdù, ó sì ń sọ fún sáfò igun tó yẹ kí ọ̀pá wà.

Òfin tí mo kọ́kọ́ fún un ni èyí tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ rò: wo bí bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà sí àárín tó, fi Kp sọ ọ́ di púpọ̀, kí o sì tẹ ọ̀pá sí òdì kejì ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jìnnà púpọ̀, tẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Bí ó bá jìnnà díẹ̀, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ó bá wà ní àárín, jẹ́ kí ọ̀pá tẹ́jú. P nìkan nìyẹn, ó sì bọ́gbọ́n mu létí. Òfin kan náà yìí ni mo ti lò rí fún ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.

Mo fi Kp sí 1, ìyẹn ni pé bí bọ́ọ̀lù bá fi 10 sẹ́ǹtímítà kúrò ní àárín, ọ̀pá á tẹ̀ ní 0.1 rédíánì, tí kò ju dígíríì mẹ́fà lọ. Mo gbé bọ́ọ̀lù sí ibi tó fi nǹkan bíi sẹ́ǹtímítà mẹ́ta jìnnà sí àárín, mo sì fi ọwọ́ sílẹ̀. Ó yí wá sí àárín, ó kọjá, ó dé òdì kejì, ó padà. Nígbà tó máa padà dé ẹ̀gbẹ́ tí mo ti fi í sílẹ̀, kò dúró ní sẹ́ǹtímítà mẹ́ta mọ́, mẹ́fà ló dé. Lílọ àti bíbọ̀ kejì gbé e lọ sí nǹkan bíi méjìlá. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìdènà tó wà ní ìpẹ̀kun.

Ohun tí ọkàn èèyàn máa ń sọ nígbà bẹ́ẹ̀ ni pé agbára ti pọ̀ jù. Mo dín Kp kù sí 0.25. Bọ́ọ̀lù wá ń rìn jẹ́jẹ́, tó fi jẹ́ pé lílọ àti bíbọ̀ kan tó ń gba sẹ́kọ́ǹdù mẹ́ta dín díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń gba sẹ́kọ́ǹdù márùn-ún ó lé díẹ̀. Ìrètí wọlé sí mi lára. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó, ó ṣì ń fẹ̀ sí i: ibi tó ti dé 3 lẹ́ẹ̀kan, á dé 4 ó lé lẹ́ẹ̀kejì, á dé 6 lẹ́ẹ̀kẹta. Ó kàn ń rọra bàjẹ́ ni. Mo wá ṣe òdì kejì, mo gbé Kp lọ sí 4, mo rò pé bí ọ̀pá bá yára dá a padà, kò ní ráyè kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lọ tó bọ̀ kó tó fò kúrò nínú ọ̀pá, tó sì yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun kan wà nínú ìyẹn tí mi ò kà sí nígbà náà, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ni àmì tí ó yẹ kí n mọ̀. Nígbà tí mo sọ Kp di ìlọ́po mẹ́rin, ó súnmọ́ pé àkókò tí lílọ àti bíbọ̀ kan ń gbà di ìdajì. Nígbà tí mo fi mẹ́rin pín in, àkókò náà di ìlọ́po méjì. Kp ń pàṣẹ fún bí ìfì náà ṣe ń yára tó. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ nípa bóyá ìfì náà máa dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá rí irú nǹkan báyìí lórí ẹ̀rọ tiyín, tí Kp ń yí àkókò padà ṣùgbọ́n tí ìfì náà kò kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí lẹ ní lọ́wọ́.

Bàbá kan wà ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ń lo tábìlì nígbà náà, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tẹkiníṣíànì. Wọ́n kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò bá pè wọ́n. Nígbà tí ariwo bọ́ọ̀lù tó ń jábọ́ sú wọn, wọ́n dìde wá.

"Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé àárín, kí ni ọ̀pá rẹ ń ṣe?"

"Ó ń tẹ́jú, sà."

"Ṣé o rí i ni, àbí o rò ó?"

Mo ní mo rò ó ni. Wọ́n ní kí n gbé fóònù mi sórí ìdúró, kí n yà á ní fídíò aláfarabalẹ̀, irú èyí tó ń ya fírémù 240 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. A wá jọ ń fi ìka sún fídíò náà ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti òsì, ọ̀pá tẹ̀ sí ọ̀tún, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo fi ìka sún un títí bọ́ọ̀lù fi dé orí ìlà dúdú tí mo fà sí àárín. Ọ̀pá kò tẹ́jú. Ó ṣì tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Mo tún sún un, fírémù lẹ́yìn fírémù, bọ́ọ̀lù ti kọjá àárín, ọ̀pá ṣì ń tì í lọ síwájú. Ó tó nǹkan bíi fírémù mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ìlà dúdú kí ọ̀pá tó tẹ́jú. Ìdá mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdù kan nìyẹn.

Bàbá ní, "Ibi tí eré rẹ̀ ti pọ̀ jù lo ti sọ pé iṣẹ́ ti parí. Kò tán síbẹ̀, o tún ń tì í lẹ́yìn."

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u.

Igun ọ̀pá kò gbé bọ́ọ̀lù lọ sí ibì kankan. Ohun tí igun ń ṣe ni pé ó ń fi kún eré bọ́ọ̀lù tàbí kó dín in kù. Lórí ọ̀pá onígun bíi tèmi, bí igun bá jẹ́ θ ní rédíánì, eré bọ́ọ̀lù ń pọ̀ sí i ní 5.5θ mítà fún sẹ́kọ́ǹdù ní sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan. Iye yẹn wá láti inú 9.81 tí a fi 1.8 pín, 0.8 tó lé lórí 1 yẹn jẹ́ agbára tí bọ́ọ̀lù ń ná láti fi yí, torí pé ó ń fi ara kan ọ̀pá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló ń yí lórí rẹ̀, 1.4 la máa fi pín, iye náà á sì súnmọ́ 7. Ìwọ̀n bọ́ọ̀lù kò kan ọ̀rọ̀ náà, ì báà tóbi, ì báà kéré.

Nítorí náà, àṣẹ tí mo bá pa ń kó jọ di eré, eré náà á tún kó jọ di ipò. Ìkójọ lórí ìkójọ. Dọ́bù íńtígírétọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é. Bí mo bá mú ọ̀pá padà sí pẹrẹsẹ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń sáré, kò ní dúró. Eré tó ti kó jọ ló máa gbé e lọ. Ẹ̀rọ omi gbígbóná mi kò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá pa iná rẹ̀, omi fúnra rẹ̀ á máa tutù, afẹ́fẹ́ ń bá mi ṣe nínú iṣẹ́ náà. Bọ́ọ̀lù irin lórí álúmíníọ̀mù kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan. Ohun tí n kò bá pa lára eré rẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá mi pa á.

P nìkan kò sì lè pa eré, torí kò mọ̀ pé eré wà. Ẹ fi bọ́ọ̀lù náà sí 5 sẹ́ǹtímítà lápá ọ̀tún àárín. Ó lè máa sá lọ sí ìpẹ̀kun, ó lè máa padà bọ̀ wálé. Ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ pátápátá nìyẹn: ọ̀kan ń fẹ́ ìdènà líle, èkejì ti ń ṣe ohun tí a fẹ́, ó sì yẹ kí a ti máa mú un rọra. P fún àwọn méjèèjì ní igun kan náà gan-an. Bí ó ṣe ń gba agbára lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù nígbà tó ń lọ síta, bẹ́ẹ̀ náà ló ń dá a padà fún un, kọ́bọ̀ kan kò dín, nígbà tó ń bọ̀ wálé. Nítorí náà, ká tilẹ̀ ní sẹ́ńsọ̀ mi yára bí i mànàmáná tí sáfò mi kò sì pẹ́ rárá, ohun tó dára jù tí mo lè rí gbà ni kí bọ́ọ̀lù máa fì ní ìwọ̀n kan náà títí láé. Níbi tó jẹ́ pé ẹ̀rọ gidi ni, sẹ́ńsọ̀ yẹn ń gba nǹkan bíi 38 mìlísẹ́kọ́ǹdù kó tó mú iye tuntun jáde, Àdúínò ń di iye kan mú fún 40, sáfò náà sì ń fi àkókò tirẹ̀ yí. Gbogbo ìpẹ́ yìí ló jẹ́ kí ọ̀pá máa ti bọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìn lẹ́yìn tó ti kọjá àárín, bí ẹni tó ń ti ọmọdé lórí jangilọ́fà: ìtì kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń bọ́ sí ìgbà tó tọ́ ní gbogbo ìgbà, jangilọ́fà á sì máa ga sí i.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí fún ẹni tó fẹ́ rí i. Bí kò bá sí ìpẹ́ kankan, ohun tó ń darí ìrìn bọ́ọ̀lù ni

`s² + 5.5·Kp = 0`

s ni iye tí a ń wá, tó ń sọ bóyá ìfì ń kú tàbí ó ń fẹ̀. Ẹ wo àyè tó wà láàárín s² àti iye tó gbẹ̀yìn. Ó ṣófo. Kò sí s lásán níbẹ̀. Ohun tí àyè òfìfo yẹn túmọ̀ sí ni pé bí a bá ro gbòǹgbò méjèèjì ìdọ́gba yìí pọ̀, òdo ni yóò jẹ́. Kí ìfì tó lè kú, apá gidi gbòǹgbò méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òdo, nǹkan méjì tó wà lábẹ́ òdo kò sì lè parapọ̀ di òdo láéláé. Kp kò dé àyè yẹn rárá. Iye tó gbẹ̀yìn nìkan ló ń yí. Bí a bá sọ Kp di iye òdì, gbòǹgbò kan á lọ sókè òdo, bọ́ọ̀lù á sì sá lọ láì tilẹ̀ fì.

Bí a bá wá ka ìpẹ́ 0.1 sẹ́kọ́ǹdù mọ́ ọn, tí a mú un bí ẹni pé ọ̀pá ń rọra tẹ̀lé àṣẹ, ìdọ́gba náà á di

`0.1s³ + s² + 5.5·Kp = 0`

Àyè s ṣì ṣófo. Òfin tí Ẹ́dúwọ̀dù Ráùtù, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1877 sọ pé bí iye kan bá sọnù nínú irú ìdọ́gba báyìí, ìfì kò lè kú. Mo fi iye Kp mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ti lò sínú rẹ̀. Ní 0.25, ìfì kọ̀ọ̀kan á fi ìlọ́po 1.4 ju ti ìṣáájú lọ. Ní 1, ìlọ́po méjì. Ní 4, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tí ojú mi ti rí lórí tábìlì gan-an nìyẹn, ó sì dùn mí díẹ̀ pé ìwé kékeré kan ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé òun ti rí i tí P nìkan ṣiṣẹ́. Èmi náà rí i. Ẹnì kan fi fídíò tirẹ̀ hàn mí, bọ́ọ̀lù rẹ̀ dúró sí àárín wẹ́rẹ́, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú kóòdù rẹ̀. Mo ṣe wàhálà lórí ìyẹn gan-an. Ìgbà tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù rọ́bà ló lò, lórí igi tí wọ́n lẹ aṣọ mọ́. Aṣọ yẹn ló ń pa eré fún un. Ó ti fi nǹkan sí àyè òfìfo yẹn láìmọ̀. Bí ó bá gbé kóòdù kan náà sórí irin dídán, á rí ohun tí mo rí.

Ohun tó tún tèmi ṣe kò ju kí n sọ fún ọ̀pá bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sáré tó. Igun wá di iye méjì tí a rò pọ̀: ọ̀kan láti inú ipò tí a fi Kp sọ di púpọ̀, ọ̀kan láti inú eré tí a fi Kd sọ di púpọ̀. Ìdọ́gba àkọ́kọ́ yẹn á wá di

`s² + 5.5·Kd·s + 5.5·Kp = 0`

Àyè náà ti kún. Kp ń pinnu bí ìdáhùn ṣe yá tó bíi ti tẹ́lẹ̀, Kd ń pinnu bí eré ṣe ń kú tó. Mo fi Kp sílẹ̀ ní 1. Kí bọ́ọ̀lù lè padà wá sí àárín pẹ̀lú ìkọjá díẹ̀ péré, Kd ní láti súnmọ́ 0.6, iye tí ìwọ̀n ìdẹ́kun 0.7 ń fún wa nìyẹn. Bí a bá ka ìpẹ́ mọ́ ọn, òfin Ráùtù fún wa ní ohun kan tó rọrùn láti há sórí: Kd gbọ́dọ̀ ju ìpẹ́ tí a fi Kp sọ di púpọ̀ lọ. Pẹ̀lú ìpẹ́ 0.1 àti Kp 1, Kd tí kò bá tó 0.1 kò wúlò, bọ́ọ̀lù á ṣì máa fẹ̀ sí i. Mo dán 0.05 wò láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni. Ohun tó dára nínú òfin yìí ni pé ó ń sọ ìdí tí ẹni tó ní sáfò tó lọ́ra fi nílò Kd tó pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ fún Kp kan náà.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1922, Nikoláì Mínọ́skì kọ ìwé lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè máa tukọ̀ ojú omi fúnra rẹ̀. Ó ti fara balẹ̀ wo àwọn atukọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Atukọ̀ tó mọṣẹ́ kì í dúró kí imú ọkọ̀ dé ojú ọ̀nà kó tó yí ìtọ́kọ̀ padà. Bó bá ti rí i pé ó ń yára bọ̀, á ti yí ìtọ́kọ̀ sí òdì kejì ṣáájú kó tó dé. Bí mo ṣe wo fídíò ọ̀pá mi lẹ́yìn tí mo fi Kd sí i, ohun kan náà ni mo rí. Bọ́ọ̀lù ṣì wà ní nǹkan bíi sẹ́ǹtímítà mẹ́rin sí àárín, ọ̀pá ti gbé imú sókè níwájú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni wàhálà tán sí. Sẹ́ńsọ̀ mi kò mọ eré, ipò nìkan ló mọ̀. Mo ní láti yọ ipò àná kúrò nínú ti òní, kí n sì fi 0.04 pín in. Ní àárín ọ̀pá mi, níbi tí bọ́ọ̀lù ti fi 40 sẹ́ǹtímítà jìnnà sí sẹ́ńsọ̀, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo tí Àdúínò lè kà dúró fún nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta. Bí bọ́ọ̀lù bá dúró jẹ́ẹ́ tí iye náà ń jó láàárín ìṣísẹ̀ méjì, mìlímítà mẹ́ta tí a fi 0.04 pín á di 0.075 mítà ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ẹ fi Kd sọ ọ́ di púpọ̀, ó di dígíríì méjì ààbọ̀ tí ọ̀pá ń gbọ̀n fún bọ́ọ̀lù tí kò kúrò lójú kan. Sáfò ń dún bí kòkòrò inú ìgò, ó sì ń gbóná.

Mo kọ́kọ́ so kapásítọ̀ 10 máíkírófáráádì mọ́ ibi tí iná ń gbà wọ sẹ́ńsọ̀, ìyẹn sì mú apá kan lára ijó náà kúrò. Lẹ́yìn náà mo fi àsẹ́ sínú kóòdù kí eré má baà máa fò. Ibi tí mo ti fẹ́ pa dà sí ibi tí mo ti wá nìyí. Mo fẹ́ kí ọ̀pá dákẹ́ pátápátá, mo sì fi iye àsẹ́ náà, ìyẹn ìdá tó ń gbà lára eré tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, sí 0.05. Ọ̀pá dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bọ́ọ̀lù tún bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ó ń fẹ̀, àfi bí ìgbà P nìkan. Àsẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ ń dá eré dúró fún nǹkan bíi 0.8 sẹ́kọ́ǹdù, bẹ́ẹ̀ ìfì kan kò gbà ju sẹ́kọ́ǹdù méjì ó lé díẹ̀ lọ. Eré tí mò ń lò ti di ìròyìn àná. Nígbà tó bá máa sọ pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀, bọ́ọ̀lù ti yí padà. Mo gbé e lọ sí 0.5, tí ìdádúró rẹ̀ kò tó 0.06 sẹ́kọ́ǹdù. Ọ̀pá ń gbọ̀n díẹ̀, dígíríì kan ó lé, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù dúró. Gbígbọ̀n díẹ̀ yẹn ni owó tí a ń san.

Ọkàn kóòdù náà kò ju báyìí lọ:

```
float v = (x - xTele) / 0.04;
vSe = vSe + 0.5 * (v - vSe);
float igun = -Kp * (x - ibiTiMoFe) - Kd * vSe;
xTele = x;
```

Ẹ kíyè sí i pé eré bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni mo lò nínú ìlà kẹta, kì í ṣe eré àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí mo fẹ́. Bí ẹ bá lo ti àlàfo, nígbàkigbà tí ẹ bá yí `ibiTiMoFe` padà lójijì, àlàfo náà á fò láàárín 40 mìlísẹ́kọ́ǹdù, Kd á sì gbá ọ̀pá sókè bí ẹni tí iná gbé.

Bọ́ọ̀lù mi wá ń dúró, ṣùgbọ́n kò dúró sí orí ìlà dúdú. Nǹkan bíi sẹ́ǹtímítà méjì sí ọ̀tún ló ń jókòó sí nígbà gbogbo. Èyí ya mí lẹ́nu torí mo ti gbọ́ pé ẹ̀rọ tó bá ń kó nǹkan jọ kì í ní àlàfo tó ṣẹ́kù. Òótọ́ ni bí a bá yí ibi tí a fẹ́ padà. Kì í ṣe òótọ́ bí àṣìṣe bá wà níbi tí àṣẹ ń gbà wọlé. Tábìlì tí mo gbé e lé kò tẹ́jú. Ó fi dígíríì kan dà sí ọ̀tún. Kí ọ̀pá tó lè tẹ́jú ní tòótọ́, P ní láti pàṣẹ dígíríì kan sí òsì, ohun kan ṣoṣo tó sì lè mú un pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ni kí bọ́ọ̀lù jìnnà sí àárín. Dígíríì kan jẹ́ 0.0175 rédíánì, fi Kp tó jẹ́ 1 pín in, 1.75 sẹ́ǹtímítà nìyẹn.

Ìyẹn ni ibi tí I, apá òfin tó ń kó àlàfo jọ díẹ̀díẹ̀, ti wúlò, mo sì ń sọ ọ́ torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé I wọlé nígbà tí P bá kọ̀, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ D, ìyẹn apá tó ń wo eré. Ó ń ba nǹkan jẹ́ sí i ni. Pẹ̀lú P àti I láìsí D, ìdọ́gba náà á di `s³ + 5.5·Kp·s + 5.5·Ki = 0`. Àyè s² ló wá ṣófo báyìí, kò sì sí Ki tó lè kún un. Lẹ́yìn tí D bá ti wà, Ki kékeré kò léwu. Fún àwọn iye tèmi, pẹ̀lú ìpẹ́ 0.1, Ki lè dé 2.75 kí ìfì tó bẹ̀rẹ̀. Mo lo 0.3, bọ́ọ̀lù sì rọra wọ́ lọ sí orí ìlà. Ẹ fi òpin sí iye tí I lè kó jọ. Bí ẹ bá di bọ́ọ̀lù mú lọ́wọ́ níbì kan fún ìgbà díẹ̀, á máa kó jọ lọ láìdúró, ọjọ́ tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ ẹ ó rí ìjà. Lórí tábìlì tí kì í yẹ̀, mo máa ń yọ I kúrò, mo kàn ń ki páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà títí á fi tẹ́jú.

Kí ẹ tó yan Kd tiyín, ẹ kọ́kọ́ wọn ìpẹ́ ẹ̀rọ yín. Fídíò aláfarabalẹ̀ ti tó fún un: ẹ sún bọ́ọ̀lù lójijì pẹ̀lú ìka pẹ̀lú P nìkan nínú kóòdù, kí ẹ sì ka fírémù láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ṣí títí di ìgbà tí ọ̀pá náà ṣí. Bí ẹ bá rí 48 nínú fídíò 240, ìpẹ́ yín jẹ́ 0.2 sẹ́kọ́ǹdù, Kd tí kò bá lé dáadáa ní ìdá márùn-ún Kp kò ní dá nǹkan kan dúró. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn, mo sì ń gbé e sókè títí sáfò á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.